Níbo Gan-an Ni Àwọn Tí Ń Wo Fídíò Bàtà Yín Ti Ń Kúrò?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi ń rán bàtà aláwọ ní ìlú Ọ̀yọ́, èmi ni mo sì ń bá wọn polówó rẹ̀ lórí Facebook àti Instagram. Fídíò wa jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ó hàn ní ìgbà 20,000, ṣùgbọ́n 4 péré ni wọ́n kọ sí `Video average play time`. Ẹni tí ó ń bá wa ya fídíò ní kí a gé e kù sí 12. Ṣé lóòótọ́ ni ó gùn jù? Mo ti fi fídíò náà àti àwòrán ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín."

Ẹ má tíì gé e. Fídíò yín kò gùn jù. Ibì kan ni ó wà nínú rẹ̀ tí ó ń lé àwọn tí ó ti fẹ́ dúró lọ, láti ìṣẹ́jú-àáyá kẹta títí dé ìkẹsàn-án. Ká ní iye 4 yẹn nìkan ni ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ni, èmi náà kì bá tí mọ̀, nítorí pé ìpíndọ́gba àkókò tí àwọn ènìyàn fi wo fídíò kò lè sọ ibi tí wọ́n ti kúrò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi ìsọ̀ méjì ní ọjà Akẹ̀sán ṣe àpẹẹrẹ. Ènìyàn 10 kọjá níwájú ìsọ̀ kìíní. 9 nínú wọn lo ìṣẹ́jú kan péré kí wọ́n tó bá tiwọn lọ, ṣùgbọ́n ẹni kẹwàá fa àpótí, ó jókòó, ó sì ń yẹ bàtà wò fún ìṣẹ́jú 31. Ènìyàn 10 mìíràn kọjá níwájú ìsọ̀ kejì, olúkúlùkù wọn dúró fún ìṣẹ́jú 4, wọ́n wò yíká, wọ́n sì lọ. Ẹ ro àkókò ìsọ̀ kìíní pọ̀, kí ẹ fi 10 pín in: 4 ni. Ti ìsọ̀ kejì ńkọ́? 4 náà ni. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìsọ̀ kìíní ti ní ẹni tí ó fẹ́ ra ọjà, ohun tí yóò mú kí àwọn yòókù máa yà ni ó ń wá. Ìsọ̀ kejì ń rí ẹni yà dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lórí àtẹ kò mú ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Àìsàn wọn kò jọra, oògùn wọn kò sì lè jọra.

Àwọn iye tí a lè fi dá ìsọ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì wà nínú ìròyìn tí ẹ fi ránṣẹ́, ó kàn jẹ́ pé iye 4 ni ó gba ojú yín. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ `Columns` nínú Ads Manager, ibi tí a ti ń darí ìpolówó Facebook àti Instagram, tí ó sì yan `Video engagement`, wọn yóò jáde. Tiyín nìyí:

```
Impressions             20,000
Video plays             16,000
3-second video plays     5,000
Video plays at 25%       1,500
Video plays at 50%         920
Video plays at 75%         780
Video plays at 100%        640
ThruPlays                  900
```

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi kọ àwọn kan nínú wọn, nítorí náà iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a sọ wọ́n di ìṣẹ́jú-àáyá. Fídíò yín jẹ́ 30, nítorí náà 25% jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá méje àti ààbọ̀, 50% jẹ́ 15, 75% sì jẹ́ méjìlélógún àti ààbọ̀. Nísinsin yìí a lè bá àwọn olùwòran rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú ìgbà 16,000 tí fídíò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, 5,000 ni ó kọjá ìṣẹ́jú-àáyá kẹta. Nínú 5,000 yìí, 1,500 péré ni ó dé méje àti ààbọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́jú: 920 dé ìdajì, 780 dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 640 sì wò ó parí. Èyí ni pé nínú gbogbo ẹni 10 tí ó bá dé ìdajì fídíò yín, bíi 7 ni ó ń wò ó tán. Ẹ dákun, fídíò tí ó gùn jù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá gùn jù, ìparí rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sá kúrò.

Ọ̀gbun méjì ni ó wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn bákan náà, nítorí pé bíi 7 nínú 10 ni ó ṣubú sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èkejì ni ó ń bà mí lẹ́rù.

Ọ̀gbun àkọ́kọ́, èyí tí ó wà ṣáájú ìṣẹ́jú-àáyá kẹta, kò sí fídíò Facebook tí kò ní in. Fídíò yín ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ojú ìwé ti ń yí lọ, ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì ń sáré lórí fóònù ni wọ́n sì kà mọ́ àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Púpọ̀ nínú wọn kò rí ohunkóhun rárá, débi tí wọn yóò fi sọ pé kò wu àwọn. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń fi iye àwọn tí ó dé ìṣẹ́jú-àáyá kẹta wé iye ìgbà tí ìpolówó hàn, a sì ń pè é ní ìwọ̀, bí ìwọ̀ apẹja. Tiyín jẹ́ 5,000 nínú 20,000, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìwọ̀ yín ń mú ẹja. Ìdí rẹ̀ sì hàn sí ẹni tí ó bá wo fídíò náà: ọwọ́ bàbá yín ni ó kọ́kọ́ jáde, ìlu gún etí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ní àgúnyọ, òwú tí wọ́n ti fi ìda pa tẹ̀lé e, wọ́n sì fà á tan-in títí awọ náà fi ká díẹ̀. Ẹni tí kò tilẹ̀ nílò bàtà yóò dúró wo ìyẹn.

Ọ̀gbun kejì ni ti ẹni tí ó ti dúró, tí ó ti rí nǹkan, tí ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ohun tí òun tún ń wò. Mo wo fídíò yín ní ìgbà mẹ́fà, mo sì pa ohùn rẹ̀ nínú mẹ́ta, nítorí pé láìsí ohùn ni ó ń bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí òwú yẹn ṣe tan báyìí, ojú fídíò ṣókùnkùn. Orúkọ ilé iṣẹ́ yín jáde pẹ̀lú èéfín, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó yí po lẹ́ẹ̀kejì, àdírẹ́sì tẹ̀lé e, nọ́ńbà fóònù méjì tẹ̀lé e, gbólóhùn ìkíni sì kádìí rẹ̀. Títí dé ìṣẹ́jú-àáyá kẹsàn-án, kò sí bàtà lójú. Ẹni tí ó dúró nítorí ọwọ́ bàbá yín, ẹ ti fi pátákó dí i lójú. Nígbà tí bàtà padà dé, tí wọ́n ká a sí méjì tí ó sì nà padà láìní àpá, ìdá púpọ̀ nínú àwọn tí ó yẹ kí ó rí i ti lọ. Àmì 25% tí a rí lókè yẹn, àárín pátákó yìí gan-an ni ó bọ́ sí.

Mo ní láti fi ààlà sí ohun tí mo sọ yìí. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kẹta àti méje àti ààbọ̀, ìròyìn yẹn kò ri òpó kankan sí i. Ó sọ fún wa pé 3,500 ṣubú láàárín òpó méjì, kò sọ pé ní ìṣẹ́jú-àáyá kẹrin ni tàbí ní ìkẹfà. Fídíò náà ni mo wò kí n tó di ẹ̀bi ru pátákó. Bí ẹ bá fẹ́ rí i kedere sí i, ẹ gbé fídíò kan náà sórí YouTube, kí ẹ sì ṣí `Audience retention` nínú YouTube Studio: ìlà kan ni ẹ óò rí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí ìlà náà bá ti já bọ́ lójijì, ẹ dá fídíò dúró níbẹ̀, kí ẹ wo ohun tí ó wà lójú rẹ̀. Níbi tí ó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àárẹ̀ lásán ni ìyẹn, gbogbo fídíò ni ó ní in.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ lórí ohun tí a ń fi pín iye, nítorí ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti máa ń jà pẹ̀lú ẹni tí ó ń bá wọn polówó. `ThruPlays` ni iye ìgbà tí ẹnì kan wo fídíò tó ìṣẹ́jú-àáyá 15, tàbí tí ó wò ó tán bí fídíò náà kò bá tó 15. Ẹ ní 900. Bí mo bá fi 900 wé ìgbà 20,000 tí ìpolówó hàn, n óò ní ìdá mẹ́rin àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí mo bá fi 900 yẹn kan náà wé 5,000 tí ó dé ìṣẹ́jú-àáyá kẹta, yóò di ìdá 18. Àwọn méjèèjì ni ènìyàn ń pè ní ìwọ̀n àwọn tí ó wò ó já, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ irọ́ nínú wọn, àfi pé ẹni tí ó fẹ́ kí iṣẹ́ òun dára lójú yín yóò mú ìdá 18 wá. Ẹ máa bi wọ́n léèrè pé kí ni wọ́n fi pín in.

Facebook fúnra rẹ̀ ti ṣi irú ìpín bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ó jẹ́wọ́ pé òun ti ń gbé ìpíndọ́gba àkókò wíwo fídíò ga ju bí ó ti rí lọ, nítorí pé àwọn tí ó wò ó ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ nìkan ni wọ́n fi pín in, wọ́n yọ àwọn tí ó yára kúrò sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí irú ìṣirò yẹn yóò sọ tiyín dà. Ìṣẹ́jú-àáyá 4 ní ìgbà 16,000 jẹ́ 64,000. Bí a bá fi 5,000 pín in, ìpíndọ́gba yín á di bíi 13! Bàtà kan náà, àwọn olùwòran kan náà, kò sí ẹni tí ó fi ìṣẹ́jú-àáyá kan kún àkókò rẹ̀. Nínú 64,000 yìí pẹ̀lú, àwọn 640 tí ó wò ó tán ni ó ni 19,200, bí wọn kò tilẹ̀ ju ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni kẹwàá tí ó fa àpótí jókòó ní Akẹ̀sán nìyẹn.

Ní báyìí, ìmọ̀ràn pé kí ẹ gé e sí 12. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé iye tí ẹ óò rí yóò dára sí i, ohun tí ó sì mú un léwu nìyẹn. Fídíò tí ó jẹ́ 12, ẹni tí ó bá wò ó tán ní ìṣẹ́jú-àáyá kejìlá ti di `ThruPlays`, nígbà tí ti 30 ní láti dúró títí di 15. Àmì 25% yóò sún wá sí ìṣẹ́jú-àáyá kẹta, níbi tí èrò ṣì pọ̀ sí. Bákan náà, ìpíndọ́gba àkókò ń ka ìgbà tí fídíò tún ara rẹ̀ ṣe lójú ẹni kan náà, fídíò kúkúrú ni ó sì yára tún ara rẹ̀ ṣe. Gbogbo òpó ni ó yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a sì ń rò pé eré sísá wa ni ó yá.

Ohun tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí kò dùn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo bá ìyá kan tí ń ta gàrí polówó; fídíò wọn jẹ́ 40. Mo gé e sí 12, gbogbo iye lọ sókè, mo sì fi ìròyìn náà hàn wọ́n tayọ̀tayọ̀. Ìyá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwọn tí ń wò ó yìí, ṣé wọn kì í pe ènìyàn ni?" Mo padà lọ yẹ iṣẹ́ mi wò. Níbi tí mo ti ń gé e, mo ti gé iye owó ìdérù kan àti ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbé e dé ìlú mìíràn dànù, àwọn nǹkan méjì tí ẹni tí ó fẹ́ rà á dúró gbọ́. Nínú fídíò yín, iye owó wà ní ìṣẹ́jú-àáyá kẹrìndínlógún, bí ènìyàn ṣe lè fi ẹsẹ̀ lé bébà, kí ó yí i ká pẹ̀lú bírò, kí ó sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp sì wà láti 20 dé 28. Apá tí àwọn 640 yẹn wò tán nìyẹn. Òun gan-an ni ẹni tí ó gbà yín nímọ̀ràn fẹ́ jù nù.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ yẹ ibi tí fídíò náà ti hàn wò. Ẹ tẹ `Breakdown`, kí ẹ sì yan `Placement`, kí àwọn iye náà lè tú ká. Ibì kan wà nínú Audience Network, ìyẹn àwọn áàpù mìíràn tí Facebook ń gbé ìpolówó lọ sí, tí wọ́n ti ń fún ẹni tí ń gbá géèmù lórí fóònù ní èrè bí ó bá wo ìpolówó tán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò wo bàtà yín dé òpin bí kò tilẹ̀ ní ẹsẹ̀ tí yóò fi wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí ibi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ni ó parí, tí kò sì sí ẹyọ ìfiránṣẹ́ kan láti ibẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán tí mo rí. Ojú ìwé Facebook àti Reels ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù.

Bí ẹ bá sì gbé e lọ sí YouTube gẹ́gẹ́ bí ìpolówó tí ènìyàn lè fò, ẹ má fi iye ibẹ̀ wé ti Facebook. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń fò ó kì í jáde títí di ìṣẹ́jú-àáyá karùn-ún, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀gbun máa ń wà, ọwọ́ YouTube ni ó sì gbẹ́ ẹ. Wọn kò sì ní í kà á sí wíwò àfi bí ènìyàn bá wò ó tó 30, tàbí tí ó wò ó tán bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó tẹ nǹkan lára rẹ̀.

Ohun tí n óò ṣe bí fídíò náà bá jẹ́ tèmi nìyí. N óò fi ti àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà, n óò sì ṣe ẹ̀dà kejì tí òwú tí bàbá fà yóò ti já tààrà sí bàtà tí wọ́n ń ká sí méjì, láìsí òkùnkùn kankan láàárín. Orúkọ ilé iṣẹ́ yóò wà ní kékeré ní igun òkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà yóò lọ sí ìparí, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ WhatsApp. N óò kọ iye owó sójú fídíò, nítorí àwọn tí kò ṣí ohùn. Yàtọ̀ sí pátákó tí mo tú ká yìí, n kò ní í yí ohun mìíràn padà ṣáájú àmì 25%, nítorí bí mo bá yí nǹkan mẹ́ta padà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò ní í mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà tuntun yóò sì tún jẹ́ 30, kí òpó lè dúró sí àyè rẹ̀: n óò fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà tí mo gbà lọ́wọ́ pátákó han inú bàtà àti bí wọ́n ṣe rán gìgísẹ̀ rẹ̀.

Ẹ fi àwọn méjèèjì han irú ènìyàn kan náà, ní ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú owó kan náà. Iye kan ṣoṣo ni kí ẹ máa wò: nínú àwọn tí ó dé ìṣẹ́jú-àáyá kẹta, mélòó ni ó dé 25%? Ti àtijọ́ jẹ́ 3 nínú 10. Ẹ má sì yára ṣe ìdájọ́. Bí ẹ bá mú 1,000 tí ó dé ìṣẹ́jú-àáyá kẹta nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan mú 300 dé 25% tí èkejì mú 325, kò sí ẹni tí ó borí. Ó lè yí padà lọ́la láìsí ìdí. Bí ó bá jẹ́ 300 sí 400, èyíinì ti kúrò ní ti èèṣì. Bí ọ̀gbun yẹn bá sì wà níbẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí pátákó ti lọ, ẹ fi ìròyìn tuntun náà ránṣẹ́ sí mi, nítorí a jẹ́ pé àwòrán bàtà tí wọ́n ń ká sí méjì yẹn ni ó yẹ kí a tún yà, kí a sì yà á láti ìtòsí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.